Pélé Inú Fọ́tò: Èrò Mi Lórí Agbára Ìfọ̀ àti Agbára Àwòṣe

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń fi Stable Diffusion sọ fọ́tò di àwòrán mìíràn ni ó gbà pé nọ́ńbà kan péré ni ó ń pinnu bí àwòrán tuntun yóò ṣe jọ ti àkọ́kọ́ tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni, ìjọra tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá sí yàtọ̀ sí ti èkejì.

Èkíní ni èyí tí a ń rí lójú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí `denoising strength`. N ó máa pè é ní agbára ìfọ̀. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń da àmì wúruwùru bo fọ́tò wa, bí ìgbà tí ènìyàn da iyanrìn sórí àwòrán. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa fi ohun tí a kọ sílẹ̀ pé a fẹ́ dí ojú ibi tí ó ti bò. Bí ó bá jẹ́ 0, kò sí ohun tí yóò yí padà. Bí ó bá jẹ́ 1, iyanrìn ti bo gbogbo rẹ̀, fọ́tò àkọ́kọ́ kò sì ní ipa mọ́. Ohun tín-ín-rín ni ó ń kọ́kọ́ sọnù: ìlà, irun, ojú aṣọ. Ibi tí orí wà àti ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni ó ń lọ kẹ́yìn.

Èkejì ni agbára àwòṣe. Nínú IP-Adapter, tí ó jáde ní ọdún 2023, ẹ̀rọ ń wo fọ́tò, ó ń kó ohun tí ó rí jọ ní àkópọ̀, ó sì ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ó mọ̀ pé ìyá àgbà ni, pé gèlè rẹ̀ ga, pé ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ka ìlà ojú, nítorí pé ó ti sọ fọ́tò náà di kékeré kí ó tó wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé. Mo ní fọ́tò ìyá àgbà kan tí ó kọ pélé, ilà òòró mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ó di ère igi. Mo di nọ́ńbà `seed` mú lójú kan, kí n lè mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láìlo àwòṣe, ní 0.3, fọ́tò ṣì ni. Ó kàn dà bí ẹni tí ó fi osùn pa ojú ni. Ní 0.55, igi yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n pélé ti di ìhunjọ ara àgbà. Ní 0.8, ère gidi ni, àmọ́ obìnrin mìíràn ni ó jókòó síbẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé àárín ni ó dára jù. Lójú tèmi, àárín ni ó burú jù níhìn-ín: kì í ṣe fọ́tò, kì í ṣe ère.

Mo wá gbé agbára ìfọ̀ sí 0.7, mo sì fi agbára àwòṣe sí 0.6. Ìrísí ìyá náà padà, gèlè padà, igi sì dúró. Nígbà tí mo gbé àwòṣe dé 1.0, igi tún pòórá, nítorí pé fọ́tò ni àwòṣe náà, jíjẹ́ fọ́tò rẹ̀ sì bo ọ̀rọ̀ “ère igi” mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù.

Síbẹ̀, pélé kò padà. Ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ kúrò lójú ìyá yìí ti gbẹ́ ère ẹlòmíràn. Inú Stable Diffusion, píkísẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró ni a ń ká pọ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Ilà kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò mi kò sì ju píkísẹ́lì mẹ́ta lọ. Kò sí èyí tí ó lè dá a padà nínú nọ́ńbà méjèèjì, bí ó ti wù kí a yí wọn tó.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé fọ́tò náà kí ojú lè gba gbogbo àyè, mo sì fẹ̀ ẹ́. Mo wá lo ControlNet, èyí tí ó ń fa ìlà inú fọ́tò yọ tí ó sì ń mú kí àwòrán tuntun tẹ̀ lé wọn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà tí ó fà yọ náà: bí pélé kò bá sí níbẹ̀, kò ní sí lára ère. Mo fi 0.7 àti 0.6 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mẹ́ta ni mo kà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mẹ́ta ní ọ̀tún, wọ́n sì wọ inú igi bí ẹni pé ọ̀bẹ agbẹ́gilére ni ó là wọ́n.