Àfikún owó oṣù kì í jẹ èyí tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Imoru, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀wọ̀ àti gbogbo agbègbè Ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn. Wọ́n ní bí owó oṣù èèyàn bá ti kọjá ₦250,000 pẹ́nrẹ́n, ìjọba á gé 18 nínú ọgọ́rùn-ún lára gbogbo ẹ̀, pé kí onítọ̀hún kúkú kọ àfikún. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbé e gun pẹpẹ. Àwa ò gbà. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ni.

A mọ ohun tó ṣì wọ́n lọ́nà. Ìdámẹ́wàá ló mọ́ wa lára: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo owó, ó tán. Owó orí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń pọn omi sínú garawa tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Garawa àkọ́kọ́ gba ₦800,000 lọ́dún, ìjọba ò fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e gba ₦2,200,000, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba níbẹ̀. Ẹ̀kẹta gba ₦9,000,000, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiẹ̀. Àwọn mìíràn wà lókè tó dé ìdá 25, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ju mílíọ̀nù kan náírà lóṣù ló kàn. Omi tó bá dé garawa kẹta ò sọ pé kí wọ́n padà wá bu kún ti èkejì.

Ó yá, ẹni tó ń gba ₦250,000 gééré, tí a ò tíì yọ nǹkankan, ₦3,000,000 ni tiẹ̀ lọ́dún. ₦800,000 bọ́ sílẹ̀, 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 jẹ́ ₦330,000. Pín in sí oṣù méjìlá: ₦27,500. Ọ̀gá ẹ̀ wá fi ₦5,000 kún un. ₦5,000 yẹn nìkan ló bọ́ sí garawa kẹta, owó orí orí ẹ̀ jẹ́ ₦900. Ẹni tó ń mú ₦222,500 lọ sílé á wá máa mú ₦226,600. Nínú ìṣirò àwọn oníròyìn òfo, ẹni yìí á bọ́ láti ₦212,500 sí ₦209,100. Kò sí ibi tí òfin ti kọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹni tó sún mọ́ wa. Ká ní olùkọ́ kan ń gba ₦150,000, iyẹn ₦1,800,000 lọ́dún. Ẹ má tíì ṣí garawa o, ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí òfin gbà kí ẹ yọ. Owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ₦144,000 bí gbogbo owó oṣù náà bá wọ inú ìṣirò ẹ̀. Bó bá ń san ₦200,000 lọ́dún fún ilé, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, ₦40,000, ni òfin yọ. Kò lè ju ₦500,000 lọ bó ti wù kí ilé náà wọ́n tó. Ó ku ₦1,616,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦816,000. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ ₦122,400, iyẹn ₦10,200 lóṣù. (Ìdámẹ́wàá ò sí lára ohun tí òfin ní kí á yọ. Kí pásítọ̀ kankan má tan yín.)

Ẹ wá wo ìwé owó oṣù yín. Bí olùkọ́ yìí bá rí ₦22,500 tí wọ́n gé, ẹni tó ṣe ìṣirò ti fi 15 lé gbogbo owó lórí, kò rí garawa àkọ́kọ́. Bó bá rí ₦10,700, owó ilé ni wọn ò yọ, èyí sì ló wọ́pọ̀ jù, torí akọ̀wé owó ò lè mọ iye tí ẹ ń san àyàfi tí ẹ bá sọ fún un, kí ẹ sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lánlọ́ọ̀dù tó gba owó lọ́wọ́ yín lábẹ́ igi tí kò kọ rìsíìtì, ẹ padà lọ bá a. Ẹni tó sì ń gbé ilé bàbá ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní nǹkankan láti yọ níbẹ̀, kó má kọ irọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ò ju ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù, òfin ti dá a sí pátápátá. Bí wọ́n bá ń gé owó orí tirẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, kó sì mú ìwé owó oṣù náà dání.