Ta ni “ọ” inú Sáàmù 121? Ẹ wo ìrù ọ̀rọ̀ Hébérù kẹ́ ẹ tó dẹ́rù ba èèyàn

Ẹ̀yin ará Peckham, àti gbogbo ẹ̀yin tí owó ilé ti lé lọ sí Croydon tàbí Kent! Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹ fara dà á fún mi.

Iṣẹ́ ohùn kan ń lọ káàkiri lórí Wásáàpù. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ ni mò ń bá jà, kì í ṣe èèyàn. Ohun tó sọ nìyí: pé nínú Sáàmù 121 ẹsẹ 7, “Hébérù gan-an” fi hàn pé agbo lápapọ̀ ni Ọlọ́run ṣèlérí láti pa mọ́. Ó ní ẹni tó bá ti kó kúrò nínú ìjọ tó ti ń jọ́sìn ti bọ́ sí ìta ọgbà nìyẹn, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Ẹ̀rí ẹ̀ ni nọ́ńbà 8104 nínú ìwé atọ́ka tí Strong tẹ̀ jáde ní 1890. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà, ṣamar, jẹ mọ́ kéèyàn fi ẹ̀gún ṣọgbà yí nǹkan ká. Ó wá béèrè pé, “Ta ló ń ṣọgbà torí àgùntàn kan ṣoṣo?” Àwọn èèyàn sì ké “Àmín”.

Èèyàn tó kó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Rye Lane torí pé agbára ẹ̀ ò ká owó ilé mọ́ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ báyìí dẹ́rù bà. Ẹlòmíì ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ, méjì bọ̀, lọ́jọ́ Sunday tó yẹ kó sinmi, kó má bàa “jáde lábẹ́ ààbò”. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dákẹ́. Hébérù ni mò ń fi ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ohun tí wọ́n sì ní Hébérù sọ yìí, Hébérù ò sọ ọ́. Òdì kejì ẹ̀ ló sọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni pé nọ́ńbà Strong kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kà. Ní èdè Hébérù, “ọ”, “mi”, “rẹ̀”, “yín” kì í sábà dá dúró bíi tiwa. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ bí ìrù ṣe lẹ̀ mọ́ ẹran. Ìrù yẹn ò ní nọ́ńbà nínú ìwé Strong. Ẹni tó bá dúró sórí 8104 ti mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́ nǹkan, àmọ́ kò tíì mọ ta ló ń ṣọ́, kò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ẹsẹ náà wò. Ọ̀rọ̀ méje péré ni ní Hébérù. Àkọ́kọ́ ni orúkọ Ọlọ́run, tí Bíbélì wa pè ní OLÚWA. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìjà wà lórí ẹ̀: yiṣmọrka.

Ẹ mú un láti iwájú. Yi- ni “ó”, ọkùnrin kan tó ń ṣe nǹkan. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ṣ, m àti r, ni ìdí ọ̀rọ̀, èyí tí nọ́ńbà 8104 wà fún. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ni -ka. Ẹ pe k yẹn bí ẹni tó ń ha ọ̀fun. -ka yìí ni “ọ”: ẹnì kan, ọkùnrin, tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé “ó” síwájú, “pa mọ́” sáàárín, “ọ” sẹ́yìn. Gbólóhùn odindi ni.

Ẹ wo ohun tí ìrù náà ṣe sí ara ọ̀rọ̀. Tí kò bá sí ìrù, yiṣmor ni, pẹ̀lú o tó gùn, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń tẹ̀. Bí -ka ṣe dé, ohùn sún lọ sórí ìrù, fáwẹ́lì yẹn kúrú, ó sì di ọ: yiṣmọrka. Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣubú, torí àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ yìí náà ni wọ́n fi ń kọ a. Ọ̀pọ̀ á kà á sí “yiṣmarka”. Béèyàn ṣe lè mọ̀ ni pé kó wo sílébù náà: tí kọ́ńsónáǹtì bá pa á dé lẹ́yìn, tí ohùn ò sì tẹ̀ níbẹ̀, ọ ni, kì í ṣe a. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ “yiṣmarka” lẹ́nu ẹni tó ń sọ “Hébérù gan-an” fún yín, ẹ rọra.

Àwọn ọ̀rọ̀ àárín, tó túmọ̀ sí kúrò nínú gbogbo ibi, kò ní ìrù kankan, ẹ jẹ́ ká fò wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni yiṣmor tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí láìní ìrù. Kí ló dé? Ìdí ni pé ẹni tí wọ́n ń pa mọ́ ti wà níta, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, ẹt, ló ṣíwájú ẹ̀. Ẹt ò ní ìtumọ̀ tí a lè fi Yorùbá gbé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó sọ fún wa pé ohun tó kàn yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá.

Ohun tó kàn náà ni nafṣẹka. Tẹ́ ẹ bá wá “nafṣ” nínú ìwé atúmọ̀, ẹ ò ní rí i, torí nẹfẹṣ ló ń jẹ́ tó bá dá wà. Ọ̀fun, èémí, ẹ̀mí, èèyàn fúnra ẹ̀: gbogbo ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ìrù bá ti dé, fáwẹ́lì méjèèjì á ṣí, ara ọ̀rọ̀ á di nafṣ-, -ka á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tó wà láàárín wọn ò ní ìtumọ̀ àṣírí kankan. Ibi tí ẹsẹ parí sí ni a wà, olùkà máa ń dúró, ohùn á sì tẹ̀ síbẹ̀. Ìrù kan náà, ẹni kan náà: “ọkàn rẹ”.

Ká ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìrù mìíràn wà fún un, -kẹm. À bá gbọ́ yiṣmọrkẹm àti nafṣotekẹm. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Mo ka gbogbo Sáàmù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: -ka yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, -kẹm ò yọjú rárá.

Mo mọ ohun tí amòye kan á sọ. Á ní nígbà míì Hébérù máa ń fi ẹyọ bá ọ̀pọ̀ wí. Òótọ́ ni. Nínú ìbùkún àwọn àlùfáà ní Númérì 6, gbogbo ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n ń súre fún, síbẹ̀ -ka ni wọ́n lò. Nítorí náà, -ka nìkan ò tó láti parí ẹjọ́. A gbọ́dọ̀ wo ohun tó yí i ká.

Ohun tó yí i ká nìyí. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ìrù -i, ìyẹn “mi”, ló wà: ojú mi, ìrànlọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀. Láti ẹsẹ 3, ó yí sí -ka, bíi pé ẹlòmíì ń dá ẹni náà lóhùn. Ẹsẹ 4 wá dárúkọ agbo lóòótọ́: ṣomer Yisra'el, olùpamọ́ Ísírẹ́lì. Ká ní Sáàmù náà dúró síbẹ̀, oníṣẹ́ ohùn wa ì bá rí ibi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 5: ṣomrẹka. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣomer. Wọ́n gbé “Ísírẹ́lì” kúrò lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì fi -ka sí àyè tí Ísírẹ́lì wà. Ẹni tó jẹ́ olùpamọ́ Ísírẹ́lì ni olùpamọ́ rẹ. Ìrù kékeré yẹn jókòó sórí àga tí odindi orílẹ̀-èdè jókòó sí ní ẹsẹ kan ṣáájú. Ìdí tí mo fi ní òdì kejì ni Hébérù sọ nìyẹn: láti orí agbo ló ti wá bá ẹnì kan, kò sì sọ pé kẹ́nì kan máa sá wọ agbo.

Àwọn ìyá wa á béèrè pé, bí -ka bá jẹ́ ti ọkùnrin, àwa ńkọ́? Ti obìnrin ì bá jẹ́ nafṣek. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì, n, f, ṣ, k. Àmì fáwẹ́lì tí àwọn Másórẹ́ẹ̀tì fi sí i, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnikẹ́ni, ti ọkùnrin ni Hébérù máa ń lò. Kò lé obìnrin síta.

Ó sì yẹ kí àmì yẹn mú wa ronú lórí tiwa. Ọkàn rẹ ni tìẹ, ọkàn rẹ̀ ni ti ẹlòmíì. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ẹ sì ń jù ú nù lójoojúmọ́ lórí fóònù.

Bíbélì Yorùbá ti Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ ẹ̀, tó jáde lódindi ní 1884, kò ṣì í. “Ọ” àti “rẹ” ni wọ́n kọ sí ẹsẹ 7, kì í ṣe “yín”. Òyìnbó òde òní ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń pe ẹnì kan àti igba èèyàn. Èdè wa ní ohun tó bá -ka àti -kẹm mu rẹ́gí. Ibi tó ti ń dà rú fún wa ni ọ̀wọ̀: tí a bá ń gbàdúrà fún àgbà, “Olúwa á pa yín mọ́” la máa ń wí. “Yín” yẹn lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ gbogbo ìjọ. Hébérù ò ní ìrù ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé “yín” àdúrà wa lọ sínú Sáàmù, kẹ́ ẹ wá ní Hébérù ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìjọ dára, èmi náà ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn dúró sí ìjọ òun, kó fi ìfẹ́ mú wọn dúró. Kó má fi gírámà tí kò kà dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ní mo parọ́, kó jáde sísàlẹ̀ níbí, kó fi -kẹm kan ṣoṣo hàn mí nínú Sáàmù 121. Mò ń retí ẹ̀.