Lẹ́tà Lẹ́yìn Íńtáfíù Olùkọ́: Ìdáhùn Ni Kó Jẹ́, Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Bí ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì bá ti kọ́ kíláàsì àfihàn tán, tó ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀, tó sì ti padà sílé, kí ló kù fún un láti ṣe? Ìdáhùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó tètè wá ẹni tó mọ gíwá. Àwọn mìíràn á ní kó dákẹ́, kó máa gbàdúrà, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń yájú. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Lẹ́tà kúkúrú kan ló kù fún un, kí lẹ́tà náà sì parí ohun tí àkókò ò jẹ́ kó parí nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, torí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń jókòó síbẹ̀ tí wọ́n bá ń dán ẹni náà wò, àwa náà la ó sì jókòó lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá gbà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé olórí ẹ̀ka ni. Ní àwọn yunifásítì ìjọba wa, ẹ̀ka máa ń yẹ ìwé wò, ó sì máa ń dábàá ẹni tó tọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga ló ń fọ̀rọ̀ wá olùdíje lẹ́nu wò. Gíwá tàbí ẹni tó rán ló sábà máa ń jókòó lórí àga ìgbìmọ̀ náà. Àbájáde wọn á gba ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Alákòóso yunifásítì kọjá, kí Rẹ́jísírà tó buwọ́ lu lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Alákòóso kì í sì í pàdé lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi lè kọjá láìsí ìròyìn kankan, tí kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ ẹni náà. Ìdí nìyí kan náà tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Rẹ́jísírà, tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó buwọ́ lu ìwé ìpè, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka. Ibẹ̀ ni fáìlì olùdíje wà. Ímeèlì tí èèyàn bá dá fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ kò dé inú fáìlì, ó sì lè mú kí àwọn yòókù máa wo ọ̀jọ̀gbọ́n náà tìfura-tìfura.

Ní sáà tó kọjá, olùdíje kan wá kọ́ wa ní kíláàsì àfihàn fún ogún ìṣẹ́jú. Orí ìṣeéṣe ló sọ̀rọ̀ lé: bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ní èèyàn ní àrùn kan, ṣé lóòótọ́ ló ní in? Ó ní ká ro ìlú kan tó ní èèyàn 10,000, tí 100 nínú wọn ní àrùn náà. Àyẹ̀wò yẹn máa ń rí mẹ́sàn-án nínú aláìsàn mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó tún máa ń fẹ̀sùn kan ẹnì kan nínú ẹni mẹ́wàá tí ara wọn le. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: aláìsàn 90 ni àyẹ̀wò máa mú, àmọ́ nínú àwọn 9,900 tí ara wọn le, á mú 990. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,080, àwọn 90 péré ló sì ní àrùn. Nínú ẹni méjìlá tí àyẹ̀wò mú, ẹnì kan ló ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ká má purọ́, ẹnu yà wá.

Ìgbà náà ni ọmọ kíláàsì wa kan béèrè pé, “Mà, tí wọ́n bá tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì, tó tún mú ẹni yẹn ńkọ́?” Olùdíje náà dáhùn pé ó ti dájú nìyẹn. Ọmọ náà tún béèrè ohun tó mú un dájú. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti ní àkókò ti tó. Ẹ̀yìn yàrá làwọn ìgbìmọ̀ jókòó sí, mo sì rí ẹnì kan nínú wọn tó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olórí ẹ̀ka wa ka apá tó kàn wá nínú lẹ́tà tí olùdíje náà fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì íńtáfíù sí wa létí. Bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí láyè láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kejì lánàá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àyẹ̀wò bá mú èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn tí mo fún un kò tọ̀nà. Bí a bá tún àwọn 1,080 yẹn yẹ̀ wò, àyẹ̀wò á mú 81 nínú àwọn 90 tó ní àrùn, á sì mú 99 nínú àwọn 990 tí kò ní. Nínú 180 tó kù, 81 ló ní àrùn, ìyẹn ìdá 45 nínú 100. Kò tíì dájú. Ìṣirò yìí pàápàá kò dúró àfi tí àṣìṣe àyẹ̀wò kejì kò bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ló tan àyẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ, ó lè tan ìkejì náà jẹ. Mo máa dúpẹ́ bí ẹ bá lè bá mi fi ìdáhùn yìí jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìwé ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ béèrè wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò tún ìtàn ìwé tó kà sọ, torí ó ti wà nínú fáìlì. Kò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe wù ú tó. Kò bi wọ́n léèrè owó oṣù, kò sì ṣàròyé pé ogún ìṣẹ́jú kéré. Ọpẹ́ gba gbólóhùn kan, àtúnṣe gba bíi méje, ìwé tí wọ́n béèrè gba ọ̀kan. Mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àtúnṣe yẹn fi ohun kan hàn tí ogún ìṣẹ́jú ò lè fi hàn: ohun tí olùkọ́ ń ṣe nígbà tó bá délé tó sì rí i pé òun ti sọ ohun tí kò tọ̀nà fún ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo wa la mọ olùkọ́ tí kì í padà sórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló yẹ kéèyàn kọ lẹ́tà lé lórí. Bó bá jẹ́ pé ó kọ 19 síbi tó yẹ kó kọ 91, tó sì pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó fi í sílẹ̀, kó má lọ hú òkú tí wọ́n ti sin. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀: ṣé ẹnì kan béèrè lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ohun tí kò tọ̀nà lọ sí yàrá ìdánwò nítorí rẹ̀? Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, kó kọ lẹ́tà. Bó bá jẹ́ pé èrò òun àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni kò bára mu níwájú ìgbìmọ̀, lẹ́tà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń parí àríyànjiyàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ó ti pẹ́ jù nígbà náà, pé ìgbìmọ̀ ti fún olùdíje ní máàkì kí lẹ́tà tó dé. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n sábà máa ń gba ìwé máàkì kí ìgbìmọ̀ tó dìde, lẹ́tà ò sì lè sọ 52 di 70. Ibi tó ti wúlò kò pọ̀: bí ẹni méjì bá ń sún mọ́ra, bí ìwé kan bá ṣaláì sí nínú fáìlì, tàbí bí ẹ̀ka bá tún ń wá èèyàn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà pẹ̀lú ìrètí pé òun á fi yí ìpinnu padà á kọ ọ́ gùn, á sì di ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ló sì ń di àbẹ̀wò. Nílẹ̀ wa, “mo kàn ní kí n wá kí yín nílé, sà” kò ṣòro láti sọ, pàápàá tí àpò ìrẹsì bá wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Kíkí àgbà dára, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n bí ìpinnu bá ṣì wà lọ́wọ́ àgbà náà, ẹ̀bùn ò jẹ́ ẹ̀bùn mọ́. Òfin tó gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000, tó dá àjọ ICPC sílẹ̀, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fi í tọrọ ojúure àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbà á. Ẹ tún ro ti àwa tó kù níbẹ̀. Olùkọ́ tó fi ìrẹsì wọlé ti mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀nà, kò sì ní yà mí lẹ́nu bó bá ń retí tirẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní ti lẹ́tà kejì, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá ló máa pinnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìparí oṣù, kó dúró kí ìparí oṣù kọjá, kó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, kó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ibo ni ọ̀rọ̀ dé? Bí wọn ò bá dá ọjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ò pọ̀ jù. Bí ibòmíràn bá ti gbà á, tí wọ́n sì fẹ́ èsì ní ọjọ́ kan pàtó, kó sọ ọjọ́ náà fún wọn láìfi halẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà kejì, kó sinmi.

Àmọ́ kì í ṣe olùdíje nìkan ló jẹ gbèsè. Kò tọ́ kí ẹni tó sùn lójú ọ̀nà, tó wá kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́, máa gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ ọ́fíìsì pé wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Kí Rẹ́jísírà kọ ìlà méjì sí gbogbo wọn, àti ẹni tí wọ́n gbà àti ẹni tí wọn ò gbà. Kí ẹ̀ka sì fún àwa tó jókòó ní kíláàsì ní ìwé kan láti kọ ohun tó yé wa àti ohun tí kò yé wa, kí wọ́n tó gba ìwé máàkì. Ọmọ kíláàsì wa ló bi ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í bóyá ìdáhùn tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi olùdíje náà fúnra rẹ̀.