Áúnsì Wo Ni Oníwúrà Fi Ń Ṣírò?

Bí ọkọ ìyàwó kan bá kúrò ní Ìlárá Rẹ́mọ lọ ra ẹ̀gbà ọrùn ní Ṣágámù, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pe iye wúrà tí yóò rà. Níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni àwọn oníṣòwò ńlá ti ń fẹnu kò sí iye dọ́là fún áúnsì kan. Ọlọ́jà ilé ni ó ń sọ ọ́ di náírà fún gíráàmù kan. Ibi ìyípadà yìí gan-an ni ìrẹ́jẹ ti ń wọlé.

Oríṣi áúnsì méjì ni ó wà. Èyí tí a fi ń wọn oúnjẹ jẹ́ gíráàmù 28.35, ti wúrà, tí wọ́n ń pè ní áúnsì tírọ́ì, jẹ́ gíráàmù 31.1035. Lójú ìwọ̀n oníbátìrì, "oz" ni àmì ti àkọ́kọ́, "ozt" sì ni ti ìkejì. Ẹni tí ó bá tẹ "oz" ti ṣi ọ̀nà.

Ká ní áúnsì tírọ́ì kan jẹ́ 3,110 dọ́là, tí dọ́là kan sì jẹ́ ₦1,500. Bí a bá fi 31.1035 pín in, gíráàmù kan yóò jẹ́ nǹkan bí 100 dọ́là, èyíinì ni ₦150,000. Wúrà tí kò ní àbùlà nìyẹn. Ti káráàtì 18, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin péré ni wúrà. Gíráàmù rẹ̀ yóò jẹ́ ₦112,500. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá fi 28.35 pín in, yóò di nǹkan bí ₦123,400. Lórí ẹ̀gbà ọrùn tí ó wọn gíráàmù 10, owó tí ó lé ní ₦109,000 ti bọ́ sọ́nù.

Àwọn ọlọ́jà yóò wí pé owó ilé ìtajà, iná mànàmáná àti owó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni àwọn fi bo àlàfo náà. Lóòótọ́, gbogbo wọn ni ó yẹ kí a san. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá wọn kọ lọ́tọ̀, kí wọ́n má fi wọ́n pamọ́ sínú áúnsì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá padà wá tà á, wúrà nìkan ni wọn yóò wọ̀n fún un. Owó iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ó yẹ kí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fura, kí ó béèrè iye gíráàmù kan wúrà tí kò ní àbùlà, kí ó fi 31.1035 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì fi iye dọ́là tí ọlọ́jà pè pín in. Bí ó bá bá iye àgbáyé ọjọ́ náà mu, ìṣírò tọ́. Bí ó bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, áúnsì oúnjẹ ni wọ́n fi ta wúrà fún un.

Kí gbogbo oníwúrà kọ nǹkan mẹ́rin sára ògiri: iye áúnsì tírọ́ì, iye dọ́là, káráàtì, àti owó iṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní rí ìnira kankan nínú rẹ̀.