Wọ́n ti yọ owó-orí ní Èkó: ṣé ó parí ní Ìlú Ọba?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ẹbí wa tó ń gbé Ìlú Ọba tí wọ́n sì ní ṣíà nílé: "Wọ́n ti yọ owó-orí rẹ̀ ní Èkó, ó parí." Lójú tèmi, ìdajì òótọ́ ni. Owó-orí tí iléeṣẹ́ yọ kó tó san èrè ṣíà, ti ìjọba Nàìjíríà ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń bu owó-orí lé èrè tí ẹni tó fi ọ̀dọ̀ wọn ṣe ibùgbé rí láti òkè òkun. Àmọ́ àdéhùn wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì pé kí wọ́n yọ ohun tí Nàìjíríà ti gbà kúrò nínú tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n kan ti lo ọdún méje níbẹ̀, ó ń gba owó oṣù, kò sì ní èrè ṣíà mìíràn. Lọ́dún owó-orí 2025/26, èrè rẹ̀ jẹ́ £2,000. Iléeṣẹ́ yọ 10%, ìyẹn £200, £1,800 ló wọlé sí báńkì. £2,000 ni yóò kọ sílẹ̀, kì í ṣe £1,800. Wọn kì í gba nǹkan kan lórí £500 àkọ́kọ́, ó wá ku £1,500.

Bí owó oṣù rẹ̀ bá wà ní ìpele ìsàlẹ̀, 8.75% ni wọn yóò gbà, ìyẹn £131.25. £200 ti Nàìjíríà ti bò ó mọ́lẹ̀, kò ní san nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n £68.75 tó lé ti lọ nìyẹn: àjọ owó-orí Gẹ̀ẹ́sì kò ní dá a padà, kò sì ṣeé gbé lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Bó bá wà ní ìpele kejì, 33.75% ni, £506.25. Tí a bá yọ £200, ó ṣì jẹ gbèsè £306.25.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni pé ìyọkúrò yìí kì í wá fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló máa béèrè fún un nínú fọ́ọ̀mù SA106. Ẹni ìpele kejì tó kọ £1,800 tí kò sì béèrè yóò san £438.75, ìyẹn £132.50 ju ohun tó yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ olóòótọ́ ni.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè òkun lè bọ́ lọ́wọ́ owó-orí yìí fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, bó bá béèrè, ṣùgbọ́n yóò pàdánù ìwọ̀n owó tí kì í san owó-orí lé.

Nítorí náà, ìwé tó ń fi iye èrè àti iye tí wọ́n yọ hàn ló yẹ kí wọ́n máa tọ́jú. Àlàyé báńkì nìkan kò tó, torí £1,800 nìkan ló mọ̀.