"Ọmọ yín kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́" kì í ṣe àlàyé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Tí máàkì ọmọ bá ń já wálẹ̀, tí tíṣà wá kọ̀wé sí òbí pé "kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́", kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyá ọmọ á kàn gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ohun tí tíṣà ọmọ ẹ̀ kọ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù hàn mí, mo sì kí tíṣà yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ Praimárì 3 ni. Nínú ìṣirò, ó gba 17 nínú 20, ó gba 13, ó wá gba 8. Tíṣà tẹ́ ìwé ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá ń wo ohun tí ọmọ náà kọ gan-an.

58 - 23, ó kọ 35. Ó gbà á.
52 - 27, ó tún kọ 35. Ó yẹ kó jẹ́ 25.
63 - 28, ó kọ 45. Ó yẹ kó jẹ́ 35.

Ẹ rí i? Nígbà tí 7 ò ṣeé yọ nínú 2, ọmọ náà yí i padà, ó yọ 2 nínú 7. Ibi tó yẹ kó ti yá mẹ́wàá, kì í yá a. Kékeré ló máa ń yọ nínú ńlá, ì báà wà lókè, ì báà wà nísàlẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ìbéèrè tó ní yíyá nínú jẹ́ 3 nínú tẹ́sìtì àkọ́kọ́, 7 nínú èkejì, 11 nínú ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló ṣì. (Ọ̀kan tó kù, ó da 46 kọ sí 64 ni.) Ọmọ ò yí padà o! Ìbéèrè ló yí padà. Látìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti mọ yíyá, 17 yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Tíṣà ò sì kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, tí òun bá fún un ní 81 - 36, 55 ló máa kọ. Ó fún un. 55 ló kọ.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ò tó o. Ká ní ìdáhùn ẹ̀ kàn ń fi ọ̀kan lé tàbí fi ọ̀kan dín, lọ́tùn-ún lósì, ìkánjú ni mi ò bá fura sí. Ká ní ó ń ṣi nọ́ńbà kọ láti ara bọ́ọ̀dù ṣáá ni, ojú ẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Tíṣà wá ní kí wọ́n di ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: ìdì 5 àti ẹyọ 2. Kí ọmọ mú 27 kúrò níbẹ̀. Kò ní rí i mú àfi tó bá tú ìdì kan. Títú yẹn gan-an ni yíyá.

Ẹ máa sọ pé tíṣà tó ní ọmọ 45 ò ráyè. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo 45 ni máàkì wọn ń já. Ẹ̀yin òbí náà, kẹ́ ẹ tó gba fóònù, ẹ ní kí tíṣà ya fọ́tò ìwé ìdánwò ọ̀hún ránṣẹ́ sí yín.