Ẹ Gé Ọ̀rọ̀ Màmá Kúrú, Ẹ Má Tún Un Ṣe

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Mo ń rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà ilé sílẹ̀, tí a sì ń kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé ní ṣókí. Èrò tèmi rèé: kò sí aburú nínú kí a gé ọ̀rọ̀ àgbà kúrú. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè di ojú ewé méjì, kó má sì pàdánù nǹkan kan. Ohun tó burú ni kí a máa tún un ṣe, kó lè bá ohun tí àwa fẹ́ gbọ́ mu. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín.

Ẹbí kan mú ìwé ojú ewé kan ààbọ̀ wá bá mi, wọ́n ní kí n kà á níbi ọjọ́ ìbí ìyá wọn àgbà. Ọmọ-ọmọ Màmá ló gba ohùn náà, òun náà ló kọ ìwé. Ìwé náà dùn ún kà. Mo ní kí wọ́n fi ohùn fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ìṣẹ́jú 52 ni. Mo gbọ́ ọ tán, mo rí i pé ìtàn méjì ló wà nílẹ̀. (Màmá fún mi láyè láti sọ ọ́ fún yín. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.)

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá. Kùmásí ló wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tó ń ta aṣọ, nígbà tí ìjọba Kófí Búsíà ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kúrò nílùú. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè, wọ́n á sọ fún yín. Àwọn èèyàn fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀.

Ìwé ọmọ-ọmọ wá sọ pé: "Akọ̀wé ìjọba kan ṣàánú wọn, ó sanwó ọkọ̀ wọn délé." Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá sọ nínú ohùn ni pé: "Akọ̀wé ló sanwó mọ́tò wa." Kò sọ pé "akọ̀wé kan." Kò dárúkọ ìjọba rárá.

Ẹ̀yin ìyá ti mọ ibi tí mò ń lọ, àbí? Ìyàwó ilé láyé àtijọ́ kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjì ló bá nílé. Á fún un lórúkọ tirẹ̀ ni: Akọ̀wé, Ìbàdíàràn, Adúmáadán, Bàbá Kékeré. Àbúrò ọkọ Màmá ni Akọ̀wé yìí! Ó sì ti sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, nígbà tó ń ka àwọn tó bá nílé ọkọ: "Mo bá Akọ̀wé, mo bá Ìbàdíàràn, àwọn méjèèjì ò tíì jù báyìí lọ."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ní apá ìparí, Màmá tún ìtàn owó mọ́tò yẹn sọ, ó wá fi gbólóhùn kan lé e: "Torí ọjọ́ Gánà yẹn ni bàbá yín ṣe ní kí Akọ̀wé máa gbé ẹ̀yìnkùlé." Ọmọ-ọmọ rò pé àsọtúnsọ ni, ó yọ gbogbo rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ Akọ̀wé ló ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé náà, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí sì ti ń bèèrè pé kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Gbólóhùn kan tó lè parí ìjà ẹbí ni wọ́n yọ yẹn. Tí àgbà bá sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ẹ̀kejì wé èkíní kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀kejì ló máa ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ dání.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí àgbà dá síṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ tí òun fi pè é, ohun tí ẹni náà jẹ́ sí i, ìyá tó bí i, àti ìṣẹ́jú tí ẹ ti gbọ́ ọ. Èdè wa ò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú "ó", "ẹ̀gbọ́n" sì lè jẹ́ ọmọ ìyá, ó lè jẹ́ ọbàkan, ó lè jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá. Màmá sọ níbì kan pé ìyá òun ló kọ́ òun ní òwò aṣọ. Níbòmíràn ó ní ìyá òun kú lórí ìkúnlẹ̀ òun. Ọmọ-ọmọ rò pé ọjọ́ orí ló ń da Màmá láàmú, ló bá yọ ìkejì. Ọjọ́ orí kọ́! Ìyálé ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló ń pè ní ìyá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yanjú ẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé, tí wọ́n bá ní ìdí-igi làwọn máa fi pín in, orí ìyá tó bí kálukú ni gbogbo ẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òwe. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìwé náà sọ pé Màmá fẹ́ràn ilé, ìdí nìyẹn tó fi padà wá. Ohun tí Màmá sọ ni: "Àjò ò dùn..." ó sì dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù: àjò ò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n níbo ló ti sọ ọ́? Ibi tó ti ń sọ pé Kùmásí ni ọkọ òun kọ́ ilé sí, tí kò ní yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi lé wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ ilé ló ń sọ. Ọkọ rẹ̀ tó ti lọ ló ń bá wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tí ẹ bá yọ òwe yẹn kúrò níbi tó wà, ó di ọ̀rọ̀ lásán.

Ibòmíràn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ bi í pé ta ló kó ìdì aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá." Ìwé wá kọ ọ́ pé àwọn ará Gánà kó ẹrù Màmá lọ! Ẹ gbọ́ mi o. Òwe yẹn ń sọ pé ará ilé ni. Màmá mọ ẹni náà, ó sì pinnu pé òun ò ní dárúkọ. Ìwé wá ẹ̀bi rù ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ rèé: "Nígbà tí a bi í pé ta ló kó aṣọ náà, Màmá ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, 'Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.'" Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má wá orúkọ tí àgbà bò kún un. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ òwe ló pa, ẹ kọ ààbọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ wá fi ìyókù sínú àmì àkámọ́, kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Ohunkóhun mìíràn tó bá jẹ́ ìméfò yín, inú àkámọ́ náà ni kó wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún. Màmá ní oyún ọmọ òun kẹrin wà nínú nígbà tí wọ́n kúrò ní Kùmásí. Ìwé ìbí ọmọ náà ní 1973. Ọmọ-ọmọ tún ọ̀rọ̀ Màmá ṣe, ó ní ọmọ mẹ́ta ni, kò sóyún. Ṣé ìwé ìbí ò lè purọ́ ni? Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n máa ń dín ọjọ́ orí ọmọ kù kó lè wọ iléèwé? Oyún tó wà nínú ní ìparí 1969, inú 1970 ni wọ́n á bí i. Ẹ kọ ti Màmá, ẹ kọ ti ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i pé wọn ò bára mu.

Èyí tó kàn báyìí, àwa onígbàgbọ́ ni mò ń bá wí. Orúkọ bàbá Màmá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá, babaláwo sì ni. Nínú ìwé, Fá ti di Olú, babaláwo ti di "àgbẹ̀." Mo bi ọmọ náà léèrè, ó ní, "Ẹ̀yin Pásítọ̀ lẹ máa kà á, sà." Hàà! Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ purọ́ mọ́ òkú? Ẹ lọ wo Mátíù orí 1. Nínú ìtàn ìran Olúwa wa, Támárì wà níbẹ̀, Ráhábù wà níbẹ̀, aya Ùráyà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò yọ wọ́n. Ìgbàlà rẹ ò nílò kí o yí orúkọ baba ńlá rẹ padà. Sọ ẹni tó jẹ́, kí o wá sọ ibi tí ọ̀nà ti yà. Ọmọ tí kò mọ orúkọ náà bó ṣe jẹ́ ò ní mọ àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣì ń jẹ́ Fá.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú sí ìparí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ẹ wá jókòó ti àgbà náà, kí ẹ kà á sí i létí sókè, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ní "ẹ má kọ ìyẹn," ẹ yọ ọ́. Ìyẹn nìkan ni àyọkúrò tí ẹnikẹ́ni ò lè bá yín wí fún. Nígbà tí wọ́n ka ìwé kejì fún Màmá, nǹkan méjì péré ló tún ṣe, ó wá ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ Akọ̀wé wá gbọ́ ti ẹ̀yìnkùlé. Ojú ewé méjì àti ìdá mẹ́rin kan ni ìwé náà báyìí. Kò gùn jù, àbí ó gùn?

Ẹ má sì pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù torí pé ẹ ti ní ìwé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì míràn nínú ẹbí. Fóònù ń bọ́ sómi, wọ́n sì ń jí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín. Orúkọ wo ni ìyá yín fi ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀, ta sì ni ẹni náà gan-an? Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í. Olúwa á dá àwọn àgbà wa sí fún wa o.